Oògùn Tó Kọ́kọ́ Dé Kọ́ Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Jáde

Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde: òfin tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń tẹ̀ lé n'Ìbàdàn nìyí. Kò burú fún ọjà tí kò ní déètì lára. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ l'Ọjà'ba mọ̀ pé àpò tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ ni kòkòrò yóò kọ́kọ́ mú, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ tú. Ṣùgbọ́n oògùn àti wàrà inú agolo kì í ka ọjọ́ tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Gbèdéke tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí wọn lára ni wọ́n ń kà.

Bí àpẹẹrẹ, ká ní ilé ìtajà oògùn kan l'Oníyanrìn ń ta ìgò oògùn ibà ọmọdé 15 lóṣù. Ní òpin oṣù Kejì, 60 ìgò wọlé, gbèdéke wọn sì jẹ́ òpin oṣù Kejìlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, 60 mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ alágbàtà tó dín owó kù, ṣùgbọ́n òpin oṣù Kẹfà ni gbèdéke tiwọn. Bí ọlọ́jà bá ta èyí tó kọ́kọ́ dé, yóò tà á tán ní òpin oṣù Kẹfà gan-an, ní ọjọ́ tí gbogbo 60 kejì di òfò. Bí ó bá ta èyí tí gbèdéke rẹ̀ súnmọ́ jù, yóò parí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, yóò sì ta ìyókù tán ní oṣù Kẹwàá. Ìgò kan ṣoṣo kò ní ṣòfò.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà o. Bí 100 ìgò bá dé dípò 60, ogójì yóò ṣẹ́kù síbẹ̀síbẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ l'Àbújá. Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ló fi wọ́n tọrẹ, gbèdéke wọn sì ti súnmọ́ etílé kí wọ́n tó dé. Títò lórí pẹpẹ nìkan kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ là.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Kí ọlọ́jà tó sanwó, kó ka gbèdéke ara ìgò fúnra rẹ̀, kó fi oṣù tó kù ṣe ìsọdipúpọ̀ iye tó ń tà lóṣù. Èyí tó bá ju iye náà lọ, kó má gbà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Èyí tó bá gbà, kó kọ gbèdéke rẹ̀ gàdàgbà sára páálí, kó sì to èyí tó súnmọ́ jù síwájú.

Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò bá ara rẹ̀ níwájú ìdánwò ní oṣù Keje: kó da 60 ìgò nù, tàbí kó tà wọ́n fún ìyá ọmọ tí kò mọ̀wé kà. Òfò àkọ́kọ́ mọ sí àpò ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ara ọmọ ọlọ́mọ ni ìkejì yóò ti hàn.