Ìdajì Iye Ìtọ́wò: Ohùn Tí Ẹ̀rọ Lè Gbà àti Èyí Tí Kò Lè Gbà

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ọrún-ọrún bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ń kà á sí ọjọ́ márùn-ún nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Ní ti òǹkà ilé ìwé, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà náà ń kò. Ẹ wá wo àlejò kan tí kò mọ èyí, tí ó sì ń gba iwájú ọjà kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, ó bá èrò. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, ibẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn ọjọ́ 6, ó ṣófo. Lẹ́yìn ọjọ́ 9, ó ṣófo. Nígbà tí ó pé ọjọ́ 12, ó tún bá èrò. Àlejò yìí yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọjọ́ méjìlá-méjìlá ni a ń ná ọjà yìí. Kò purọ́ nípa ohunkóhun tí ó rí, síbẹ̀ irọ́ ni ìwé rẹ̀.

Èyí tí ó ń kọjá ní ọjọ́ méjì-méjì ńkọ́? Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, yóò rí èrò, yóò rí òfo, yóò tún rí èrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà, ó lè lo ọdún kan gbáko kí ó má rí ọjà náà rárá. Wíwò ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín ọjà kan sí èkejì kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ òde òní kò yàtọ̀ sí àlejò yìí. Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n. Gbohùngbohùn sọ gbígbọ̀n náà di iná mànàmáná tí ń lọ sókè tí ó sì ń wá sílẹ̀ láìdúró. Ẹ̀rọ kì í tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ó ń tọ́ ọ wò ní àkókò tí ó dọ́gba, bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá rí 48000 Hz lójú ẹ̀rọ, ìtọ́wò 48000 ni ó ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Òfin rẹ̀ kò gùn: ohùn tí ẹ̀rọ lè gbà ni èyí tí iye gbígbọ̀n rẹ̀ kò tó ìdajì iye ìtọ́wò. Pẹ̀lú 8000, ohun tí kò tó 4000 ni. Pẹ̀lú 48000, ohun tí kò tó 24000 ni. Harry Nyquist ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe ààlà yìí, nítorí ìwé kan tí ó kọ ní 1928 lórí tẹlígíráàfù. Claude Shannon fi ẹ̀rí òfin náà hàn kedere ní 1949. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ohun tí ó wà láàárín ìtọ́wò kan sí èkejì ti sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ohùn náà bá wà lábẹ́ ìdajì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti so àwọn nọ́ńbà náà pọ̀ di ìgbì irú rẹ̀, ìgbì yẹn gan-an sì ni èyí tí ó wọlé. Òkè ààlà ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣe é. Ohùn kan ń gbọ̀n ní ìgbà 5000, ẹ̀rọ sì ń tọ́ ọ wò ní ìgbà 8000. Ẹ fojú inú wo ohùn náà bí àgbá kẹ̀kẹ́ tí a fi ẹfun sàmì sí lójú kan, tí ìyíká kan dúró fún gbígbọ̀n kan. Láti ìtọ́wò kan sí èkejì, àmì náà yí lọ síwájú ní 5/8 ìyíká. Nítorí náà a ó bá a ní 5/8, lẹ́yìn náà ní 2/8, lẹ́yìn náà ní 7/8, lẹ́yìn náà ní 4/8. Nísinsìnyí, ẹ mú àgbá mìíràn tí ń yí padà sẹ́yìn ní 3/8. Níbo ni a ó ti bá àmì tirẹ̀? Ní 5/8, ní 2/8, ní 7/8, ní 4/8. Ojú kan náà ni! Etí kò sì mọ̀ bóyá àgbá ń lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. 3/8 nínú 8000 jẹ́ 3000; ohùn 5000 ti wọlé, ohùn 3000 ni ẹ̀rọ kọ. Bákan náà ni 7000 yóò di 1000.

Ohùn ayédèrú ni mo ń pe èyí. Ó burú ju kí ohùn kàn sọnù lọ, nítorí pé ó ń dà pọ̀ mọ́ ohùn 3000 tòótọ́, nọ́ńbà tí a kọ kò sì ní ohun tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ohun tí ó ju ìdajì lọ má baà dé ibi ìtọ́wò. Asẹ́ náà kì í gé bí ọ̀bẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dí ọ̀nà, nítorí náà ó fẹ́ àyè. Etí ọ̀dọ́ ń gbọ́ dé nǹkan bí 20000, ìdajì 44100 tí àwo sídìí ń lò sì jẹ́ 22050: àyè asẹ́ ni ìyókù. (Bí ẹ bá ń béèrè ibi tí 100 ti wá, orí téèpù fídíò ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà yìí sí. Ìtọ́wò 3 lórí ìlà kan, ìlà 245, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá. Tàbí 3, 294 àti 50 ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ fúnra yín.)

Ní tiwa ńkọ́, àwa tí ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́? Ìtọ́wò 8000 ni ìpè tẹlifóònù ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ẹ̀rọ kékeré kan sì ń lò ó láti fi àyè pamọ́. Kò ba ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè wa jẹ́, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun àgbàlagbà ọkùnrin sábà máa ń gbọ̀n ní bí ìgbà 100 sí 150 nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ti obìnrin sì jẹ́ bí 200. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ náà yóò dún yékéyéké. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára lẹ́tà «s» wà lókè 4000. Bí asẹ́ bá ti gbé e lọ, «ó fẹ́ ẹ» àti «ó sẹ́ ẹ» yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Nínú oríkì tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ pọ̀ sí, tí ẹni tí ó kì í sì ti kú, ta ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ń bá orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ yóò dún bí iyanrìn nínú àpò.

Wákàtí kan ní 8000, pẹ̀lú báìtì 2 fún ìtọ́wò kọ̀ọ̀kan, kò ju mẹ́gábáìtì 58 lọ. Ní 48000, ó tó bíi 346. Ní tèmi, ìyàtọ̀ yìí kò tó ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ àgbà rà. Ju 48000 lọ ńkọ́? Fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin tí a fẹ́ máa gbọ́, n kò rí ohun tí etí yóò rí gbà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ńlá tàn yín. Wọ́n lè mú èyí tí a gbà ní 8000 kí wọ́n sọ ọ́ di 48000. Nọ́ńbà yóò pọ̀ sí i, ohun tí asẹ́ ti gbé lọ kò ní padà. Ẹ ṣí i nínú Audacity, kí ẹ yan Spectrogram: ìsàlẹ̀ àwòrán ni ohùn ìsàlẹ̀, òkè ni ohùn òkè. Bí àwọ̀ bá kún dé 4000, tí ó gé gbọnrangandan níbẹ̀, tí gbogbo òkè sì ṣófo, 8000 ni a fi gbà á, ohunkóhun tí orúkọ fáìlì náà ìbáà sọ. Ohùn ayédèrú ní àmì tirẹ̀: níbi tí ìlà ohùn kan bá ti ń gòkè, tí ó kan ààlà, tí ó sì ṣẹ́rí padà wálẹ̀ bí bọ́ọ̀lù tí ó kan àjà, ẹ mọ̀ pé asẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ 48000 di 8000, tí ó kàn mú nọ́ńbà kan nínú mẹ́fà tí ó sì ju ìyókù nù láìkọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ṣì ní 48000 ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, ẹ padà sí i. Bí kò bá sí, àfi kí ẹ tún lọ bá àgbà náà.