Òròmọdìẹ ẹ̀bá ọ̀nà: ₦10,000 tó kó adìẹ 31 lọ

Ọ̀rọ̀ àwọn òròmọdìẹ tí wọ́n ń gbé sínú apẹ̀rẹ̀ tà lẹ́bàá títì Badagry, láti Ìyànà-Ìbá dé Okokomaiko, la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ yín ti bi wá pé ṣé ká má rà á mọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn ìyá kan fún yín, lẹ́yìn náà a ó sọ èrò tiwa.

Ìyá yìí ń sin adìẹ ẹlẹ́yin 38 sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìbá. Lójúmọ́, ó ń kó nǹkan bí ẹyin 30, ìyẹn kéréètì kan gbáko. Wọ́n ti gún àwọn adìẹ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bí oṣù márùn-ún, kò sí ẹni tó tún fún wọn ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, ó rí ọkùnrin kan tó ń ta òròmọdìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́bàá títì. Ó fi ₦500 dín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye tí wọ́n ń tà á níbòmíì. Ìyá ra 20. ₦10,000 ló jẹ lápò rẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Kò ní ilé adìẹ míì, ló bá dá wọn pọ̀ mọ́ àwọn àgbà. Ìkòkò omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu.

Lọ́jọ́ kẹrin, méjì nínú àwọn kékeré kú. Ó ní òtútù ni. Lọ́jọ́ kẹfà, ẹyin já wálẹ̀ láti 30 sí 17, èèpo àwọn míì sì rọ̀ bíi ọ̀rá. Ibí yìí ni àrùn ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa, kí adìẹ àgbà kankan tó kú. Lọ́jọ́ keje, wọ́n ń yàgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, wọ́n ń la ẹnu mí, wọ́n sì ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọrùn àwọn kan lọ́ sẹ́yìn, ìyẹ́ apá wọn wọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Ìyá ra kápúsù apakòkòrò, ó dà á sómi. Kò ran. Wọ́n ní kó lọ ra Lásótà, ó fún wọn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, 31 ti kú nínú adìẹ 38.

Dókítà ẹranko tó wá wò ó la òkú kan. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó sọ tótòtó lára ibi tó ṣáájú ìwe, ó ní ó jọ lùkúlùkú. Ó tún gba ẹ̀jẹ̀ àti òkú kan lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù lè jọ ọ́, ìyẹn sì lè ran ènìyàn. Lùkúlùkú ni èsì náà sọ.

Lùkúlùkú kì í ṣe àrùn tuntun. Agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Ẹ wo àwọn oṣù yẹn dáadáa: ọyẹ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára nìkan ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣáájú àrùn. Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mú lára adìẹ. Ìdí nìyẹn tí Lásótà tí ìyá yìí fún adìẹ tó ti ń ṣàìsàn kò fi lè gbà wọ́n là.

Àwọn kan ní olè ni ọkùnrin ẹ̀bá títì yẹn. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí òwò yẹn ṣe ń lọ. Ó ń kó òròmọdìẹ jọ láti ibi mẹ́ta mẹ́rin, ó ń dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ kan, oòrùn ń pa wọ́n, èéfín mọ́tò ń fẹ́ sí wọn. Èyí tí kò bá tà lónìí, ó ń gbé e relé, ó sì ń da tuntun mọ́ ọn lọ́la. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ní fáírọ́ọ̀sì, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ti kó o. Ó sì lè tó bí ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà kó tó hàn lára wọn, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀.

Nítorí náà, èrò wa rèé: ọjọ́ tí ìyá yìí ra òròmọdìẹ kọ́ ni adìẹ rẹ̀ kú, ọjọ́ tó dá wọn pọ̀ ni. Adìẹ yòówù kí ẹ rà, ì báà jẹ́ láti háṣárì ńlá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ gbé e jìnnà sí ti àtijọ́ bí ààyè yín bá ṣe tó. Kó ní ìkòkò omi tirẹ̀, kó ní ìkòkò oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, kí ẹ sì ní bàtà ọ̀tọ̀ fún ibẹ̀, torí ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ bàtà ń gbé àrùn rìn. Bí ọ̀kan bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ má ṣe sọ pé òtútù ni. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Ẹni tí kò bá ní ààyè láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kó má rà kún adìẹ tó ní. Kó dúró títí èyí tó wà nílẹ̀ yóò fi tán.

Ó ku ti àjẹsára. Kí adìẹ tuntun tó wọlé, ẹ fún àwọn àgbà ní Lásótà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì máa tún un fún wọn bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ ṣe, nítorí agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Inú yìnyín ni kí ẹ ti gbé e wálé. Omi kànga tó mọ́ ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe omi tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí. Kó tán láàárín wákàtí méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà náà, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ máa tọ́jú ìwé tó fi háṣárì, ọjọ́ tí wọ́n pa wọ́n, àti àjẹsára tí wọ́n gbà hàn. Ẹni tó bá ní ìwé yìí lè fi owó díẹ̀ lé ọjà rẹ̀, àwa yóò sì rà á.

Ohun ìkẹyìn ló wúwo jù. Nígbà tí adìẹ ìyá yìí ku 7, oníbàárà kan wá, ó fẹ́ kó gbogbo wọn lówó pọ́ọ́kú lọ tà ní ọjà. Owó ń bẹ lọ́rùn ìyá, ṣùgbọ́n kò tà á. Ó jẹ́ kí dókítà pa wọ́n, wọ́n da ẹfun sórí wọn, wọ́n sì sin wọ́n jìn. Ó dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní ó tà wọ́n ni, apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíì ni wọn ì bá wọ̀, láti ibẹ̀ dé ilé àgbẹ̀ míì ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó bá ta adìẹ àìsàn ló ń kún apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tí gbogbo wa ń bú.