Àbọ̀ Ìwàásù Kì Í Di Odindi Nínú Fóònù

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ mídíà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹ́ sọ ọ́ fún yín láìfì bọ̀kan bọ̀kan nínú: àbọ̀ ìwàásù kì í di odindi lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ ìyókù. Àkọlé tí ẹ bá fún un ló máa gbà gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní sáà tó kọjá, pásítọ̀ kan wàásù lórí Filipi 4:13. Láàárín ìwàásù, ó sín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ: wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á sùn, wọ́n á ní Kristi ló máa bá àwọn kọ ìdánwò. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló wá ní ká ka ẹsẹ 11 àti 12. Ó ní ebi àti àyó, àìní àti ọ̀pọ̀, ni Pọ́ọ̀lù ń sọ pé òun ti kọ́ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú wọn. Kò ṣèlérí pé ẹni tí kò kàwé máa yege.

Àwọn tó gé fídíò mú ibi tó ti ń sín wọn jẹ nìkan. Wọ́n gé e kó tó sọ “ṣùgbọ́n”. Àkọlé tí wọ́n fún un rèé:

“PA ÌWÉ RẸ DÉ! KRISTI LÓ MÁA KỌ ÌDÁNWÒ NÁÀ 🔥🔥”

Ohun tó wà ní ààyè àlàyé kò ju “Kọ ÀMÍN” lọ. Háṣítáàgì lé ní ogún, orúkọ àwọn pásítọ̀ ńlá tí kò sí nínú fídíò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí a pe ọmọ ọlọ́dún kìn-ín-ní kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa pé kó wá bá wa kàwé mọ́jú, fídíò yìí ló fi hàn wá. Ó ní a ò nígbàgbọ́. Kọ́ọ̀sì méjì ló fi di kárí-ofà. A mọ̀ pé ọ̀lẹ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àkọlé yẹn ló fún ọ̀lẹ náà ní ẹsẹ Bíbélì. Àwọn mìíràn sì ń bú pásítọ̀ lábẹ́ fídíò nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹnu àtẹ́ lù.

Ẹ máa ní bí àkọlé ò bá gbóná, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó. Irọ́ ni. Nínú Shorts ti Yútúùbù, bí èèyàn bá ti fọwọ́ ra ojú fóònù ni fídíò ti ń lọ. Nísàlẹ̀ ni àkọlé wà, ní lẹ́tà kéékèèké. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníwàásù ló ń dá èèyàn dúró. Ẹni tó ń wá nǹkan àti ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lórí Wáásáàpù ni àkọlé wúlò fún jù, àwọn gan-an ló sì yẹ kó bá òótọ́ pàdé.

Ẹ ò sì lè sọ pé àyè ò gbà yín. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Shorts ti ń gba fídíò tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. “Ṣùgbọ́n” pásítọ̀ ì bá wọlé dáadáa. Bó bá jẹ́ àwa ni, ohun tí a ò bá kọ rèé:

```
Ṣé Filipi 4:13 ní o máa yege láì kàwé?

Pásítọ̀ ka ẹsẹ 11 àti 12, ó sì dáhùn: rárá.
Ìwàásù kíkún wà lójú ìwé wa; apá yìí bẹ̀rẹ̀ ní 19:40.

#Filipi4 #Iwaasu #Idanwo
```

Àkọlé yẹn kò tó ìdajì 100 lẹ́tà tí Yútúùbù gbà. Háṣítáàgì mẹ́ta tó, nítorí mẹ́ta náà ni Yútúùbù ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé. Bó bá sì ju 60 lọ, kò ní ka ẹyọ kan kún. Ẹ má wulẹ̀ lẹ líǹkì mọ́ àlàyé, torí láti ọdún 2023 ni líǹkì inú àlàyé Shorts kò ti ṣeé tẹ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n kọ “Related video” sí ni kí ẹ ti so ó mọ́ odindi ìwàásù.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ka àkọlé náà sétí pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ẹ má fi sọ́rùn rẹ̀ lórí fóònù wa.