Abísínwín Kì Í Ṣe Ẹ̀san

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí. Àìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: abísínwín.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́bìnrin kan tó bímọ ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ kẹta, oorun dá lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Ni ẹbí bá yí i ká: "Kí lo ṣe? Jẹ́wọ́!" Bí wọ́n ti ń dá a lóró, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ń le sí i.

Orúkọ tí àwọn àgbà fún àìsàn náà ti sọ ohun tó fà á: ó bí, ó sì sínwín. Ìbímọ ni wọ́n tọ́ka sí, wọn kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà náà rí nìyẹn: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ìyá ń yí padà kíákíá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà gbà pé wèrè àfiṣe wà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wa gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún alárùn ọpọlọ, ara rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní risapíìnì lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Ó wà nínú tiwa náà. Gbòǹgbò kò lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini. Bí ó bá mú àìsàn rọlẹ̀, a jẹ́ pé inú ara ni àìsàn náà wà. Síbẹ̀, ẹ má ṣe sè é fún ìyá ọlọ́mọ: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wọn agbára rẹ̀ nínú ìkòkò.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ìbátan wọn kan wà pẹ̀lú wọn tó ń se oúnjẹ, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ẹni tí a bá kà sí ẹni ègún, ta ni yóò gbà á sílé?

Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin ní dókítà ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn ń yá. Bí ara bá ti ń yá, ẹ má dá oògùn dúró láìbi dókítà, nítorí bí àìsàn bá padà, àwọn ènìyàn yóò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ó padà. Kí ó tó tún lóyún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, torí àìsàn náà lè tún yọjú.

Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ gbà á nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìlọrin.