Ẹ̀yin Tó Wà Ní Faransé: Ẹ Má Sọ Ìwé Èrè Ìpín Yín Nù

Ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tó ń gbé ní Faransé lè ní ìpín nínú Sónátẹ̀lì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Sẹ̀nẹ̀gà. Ọjà ìpín Àbíjàn ni wọ́n ti ń tà á, ọjà tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ jọ ń ná, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn. Tí èrè bá jáde, Sẹ̀nẹ̀gà á ti yọ owó orí rẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ olówó. Ọ̀pọ̀ wá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí o. Ẹni tó bá fi Faransé ṣe ibùgbé gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ibẹ̀ gbogbo owó tó wọlé fún un, níbi yòówù kó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èrè jẹ́ 100,000 sẹ́fà. Sẹ̀nẹ̀gà yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 90,000 ló dé. Owó orí Faransé lórí irú èrè báyìí jẹ́ 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọmọ wa bá kọ 90,000 sílẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ti yọ, yóò tún san 11,520. Àpapọ̀ di 21,520. Ṣùgbọ́n tó bá kọ 100,000 péré, tó fi hàn pé òun ti san 10,000, Faransé á yọ ìyẹn kúrò nínú 12,800 tirẹ̀, 2,800 ló kù kó san. Owó ìrànwọ́ àwùjọ tí Faransé ń gbà lórí irú èrè bẹ́ẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò sí nínú ìṣirò yìí.

Àdéhùn tí Faransé bá Sẹ̀nẹ̀gà ṣe ní 1974 ló fàyè gba ìyọkúrò yìí. Ẹ kíyè sí i: orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ náà wà là ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà ẹni tó ni ìpín. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní àdéhùn tiwọn pẹ̀lú Faransé.

Fọ́ọ̀mù 2047 ni wọ́n ti ń kọ owó òkèèrè. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwé tí alágbàtà ìpín fi ń sọ iye èrè, iye tí wọ́n yọ, àti iye tó kù. Àkáǹtì ọ̀dọ̀ alágbàtà yẹn pàápàá ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, 3916. Ìtanràn ẹni tí kò bá kọ ọ́ jẹ́ 1,500 yúrò lọ́dún lórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, bí èrè inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Nítorí wàhálà yìí, àwọn kan a máa fi orúkọ àbúrò wọn nílé ra ìpín. Àwa kò rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni alágbàtà mọ̀. Bí àbúrò bá ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò wá béèrè ìpín náà, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láti Paríìsì kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí yóò fi hàn wọ́n.