Kíkọ Iṣẹ́ Láìkọ Ẹni Tí Ó Fi Lọ̀ Wá

Ní kíláàsì ni a ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀ láti fi wá iṣẹ́. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní lẹ́tà tí a fi ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti fún wa. Nínú ọdún 20 tí mo fi wà lára àwọn tí ń gba òṣìṣẹ́, mo ti rí i bí àìmọ èyí ṣe ń ba orúkọ àwọn ọmọ dáadáa jẹ́. Èrò mi ni pé kíkọ iṣẹ́ kọ́ ni ó ń bí ọ̀gá nínú, bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ àti àwáwí.

Ojú máa ń ti ọmọ wa láti wí fún àgbà pé "rárá". Nítorí náà, yóò dákẹ́, tàbí kí ó ní òun ṣì ń gbàdúrà sí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Kò mọ̀ pé bí a bá ti fi iṣẹ́ lọ ẹnì kan, orúkọ ẹni tí ó ṣe ipò kejì ṣì wà nínú fáìlì wa, a kò sì ní sọ fún un pé kò rí iṣẹ́ mú títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi fèsì. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi dákẹ́, ẹni kejì ń wá iṣẹ́ kiri níbòmíràn.

Nígbà kan, a fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní iṣẹ́ oníṣirò owó. Ọjọ́ Ajé ni a kọ lẹ́tà sí i, a sì ní kí ó fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó pè mí lórí fóònù. Ó kí mi, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Ẹ má bínú sà, n kò ní lè gba iṣẹ́ náà. Mo ti gba iṣẹ́ yíyẹ ìwé owó wò ní ibòmíràn, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ayé mi."

Mo bi í léèrè bóyá owó oṣù ni, nítorí pé mo lè bá a bẹ ọ̀gá àgbà kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Ó ní, "Rárá sà, owó kọ́." Ìdáhùn yìí ni ó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ká ní ó fi owó ṣe àwáwí, ǹ bá ti lọ bẹ̀bẹ̀, wọn ì bá fi kún un, òun ì bá sì tún kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ ìdí tí ọ̀gá lè tún ṣe, àfi bí ẹ bá ṣetán láti gba iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá tún un ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lẹ́tà rẹ̀ dé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

"Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ oníṣirò owó tí ẹ fi lọ̀ mí, àti fún àkókò tí ẹ lò pẹ̀lú mi. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lórí fóònù, n kò ní lè gbà á, nítorí pé mo ti gba iṣẹ́ yíyẹ ìwé owó wò ní ibòmíràn. Inú mi yóò dùn bí iṣẹ́ bá tún pa wá pọ̀ lọ́jọ́ iwájú."

Kò sí "bóyá" nínú rẹ̀, kò sì bu iṣẹ́ wa kù. Ní Ọjọ́bọ̀, a pe ẹni kejì, ó sì gbà. Nígbà tí àwa náà wá ẹni tí yóò máa yẹ ìwé owó wa wò ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun ni mo kọ́kọ́ pè.

Ọmọkùnrin kan wà tí òun pa fóònù rẹ̀. A ti ṣètò tábìlì dè é kí a tó mọ̀ pé kò ní wá, ẹni kejì sì ti bá ibòmíràn lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ mìíràn béèrè irú ẹni tí ó jẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò rí ohun rere sọ.

Ohun méjì ni ó kù. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti di àdéhùn. Kí ó ka ohun tí ìwé náà sọ nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì lọ rí ọ̀gá náà lójúkojú. Bí ó bá sì jẹ́ pé àgbà kan ni ó bá a wá iṣẹ́ náà, kí ó sọ fún un ní ọjọ́ kan náà, kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bá ọmọ yín tẹ ọ̀gá náà láago. Ẹni tí a fi iṣẹ́ lọ̀ ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.