Awò Ojú Ọmọ Iṣẹ́ Wẹ́dà: Ẹ Wo Àmì Ara Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó



Nígbà tí a bá fẹ́ fa ọmọ wa lé ọ̀gá wẹ́dà lọ́wọ́, a máa ń béèrè iye ọdún tí yóò fi kọ́ṣẹ́, a ó béèrè owó, a ó sì béèrè bóyá yóò ráyè kírun Jímọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí béèrè irú awò tí ọmọ náà yóò máa lò. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ awò wọ inú àdéhùn, nítorí àmánà ni ojú ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ òbí, àti lọ́wọ́ ọ̀gá tó gbà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìmọ́lẹ̀ iná nìkan ni ewu iṣẹ́ yìí, tí awò bá ti dúdú, ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí wẹ́dà bá jó irin tán, ó máa ń ṣí ìbojú dúdú sókè kó lè ríran dáadáa, kó tó fi òòlù gbá èèpo tó bo ojú ibi tó jó, tàbí kó fi máṣíìnì fá a. Àsìkò náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ́ irin ń fò, ojú sì ti wà ní ìhòòhò. Awò òòrùn tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè gbà á sílẹ̀, torí pé dúdú awò kò sọ bó ṣe le tó. Tí ó bá fọ́, èéfọ́ rẹ̀ náà lè wọ ojú. Awò funfun tó lágbára ló yẹ kó wà lábẹ́ ìbojú dúdú náà.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó lágbára? Ara rẹ̀ la ó ti kà á. Lórí èyí tó bá ìlànà Amẹ́ríkà mu, ẹ ó rí Z87+. Ẹ ṣọ́ àmì + yẹn: Z87 lásán kò tíì gba ìdánwò ohun tó ń fò. Láti gba +, wọ́n á yin ọta irin róbótó tó fi díẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ lu awò náà, ní eré bíi mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí èyí tí wọ́n kọ EN 166 ti Yúróòpù sí lára, lẹ́tà ni ẹ ó wò: F dúró fún mítà 45, B sì dúró fún mítà 120. Awò tó ní apá tí a ń fi kọ́ etí kò lè kọjá F. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú yípo, tí à ń pè ní gọ́gù, ló lè gba B. Kí àmì wà lára gíláàsì àti férémù pẹ̀lú àmì ẹni tó ṣe é. Tí lẹ́tà méjèèjì bá yàtọ̀, èyí tó kéré ni kí ẹ gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi máṣíìnì kékeré tí wẹ́dà fi ń fá irin ṣírò rẹ̀. Dísìkì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 115, nítorí náà etí rẹ̀ yípo jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36. Tí ó bá ń yí ní ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí náà ń sáré bíi mítà 66 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ju mítà 45 ti F lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹni tó ń fá irin lo gọ́gù B, kó sì fi asà ojú lé e. Asà nìkan kò tó, ẹ̀ṣẹ́ ń gba abẹ́ àgbọ̀n wọlé. Síbẹ̀, tí odidi dísìkì bá fọ́, awò nìkan kò lè dá a dúró: ẹ má ṣe yọ ìdè irin tó bo dísìkì, ẹ má sì lo dísìkì tí iye yíyí tí wọ́n kọ sí i lára kéré sí ti máṣíìnì.

Lóko náà, ẹni tó ń fi máṣíìnì gé koríko nílò awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, torí òkúta tó ń ta. Ṣùgbọ́n fún fífín oògùn, agbára ìkọlù kọ́ la ń wá. Gọ́gù tí nọ́ńbà 3 wà lára férémù rẹ̀, lábẹ́ EN 166, ló ń dènà ẹ̀kán omi.

Awò tó bá ti ha púpọ̀, tó sán, tàbí tí nǹkan ti gbá gidi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò ní owó oṣù, nítorí náà kì í ṣe òun ló yẹ kó rà á. Ọ̀gá ló yẹ kó pèsè rẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, kí òbí rà á mọ́ irinṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ kà àmì náà lójú ara yín, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.